Áàpù ń ṣí lórí dátà, ó kọ̀ lórí wáìfáì ilé: kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Lórí dátà, wẹ́rẹ́ ló ń ṣí. Bí mo bá ti bọ́ sórí wáìfáì ilé, á máa yí lójú kan, lẹ́yìn náà á kọ "Network error". Bẹ́ẹ̀ WhatsApp ń lọ, YouTube ń ṣeré láìdúró lórí wáìfáì yẹn kan náà. Mo ti pa ráútà, mo tún tan án. Mo ti yọ áàpù kúrò, mo gbé e padà. Fóònù bàbá ìbejì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ yẹ dátà inú ráútà wò. Tèmi náà kọ̀ lọ́jọ́ kan, àṣé dátà ló ti tán.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n YouTube ń ṣeré. Dátà wà.

Ọmọ Òmù-Àrán
Private DNS ni. Ẹ wọ Settings, ẹ wá "Private DNS", ẹ pa á. Áàpù á ṣí.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Òkè-Òdò
Ọmọ Òmù-Àrán, ẹ súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀. Bí orúkọ tí kò dára bá wà nínú Private DNS, gbogbo nǹkan ni yóò kọ̀, lórí wáìfáì àti lórí dátà, fóònù á sì sọ fúnra rẹ̀ pé òun ò rí sáfà náà. Áàpù kan ṣoṣo ló kọ̀ níbí, lórí fóònù méjì. Ohun tí fóònù méjèèjì jọ ń lò ni ráútà, ibẹ̀ sì ni ká tọpa.

DNS ló ń sọ fún fóònù pé orúkọ báyìí, nọ́ńbà báyìí ló ń gbé. Lórí dátà, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Lórí wáìfáì, ẹni tí ráútà bá yàn ló ń dáhùn. Bí onítọ̀hún bá dáhùn dáadáa fún YouTube tó sì parọ́ fún orúkọ tí áàpù yín ń pè, ohun tí ẹ ń rí yìí gan-an ni yóò ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ráútà, ẹ dán an wò báyìí, Ìyá Ìbejì. Ẹ wá "Private DNS" nínú Settings, ẹ yan "Private DNS provider hostname", ẹ kọ `dns.google` síbẹ̀, ẹ fi pamọ́. Ẹ pa áàpù náà pátápátá, ẹ sì ṣí i lórí wáìfáì. Bó bá ṣí, ọ̀nà yín dára, olùdáhùn tí ráútà yàn ló ṣìnà. Bó bá kọ̀, tí àwọn áàpù yòókù ń lọ, ọ̀rọ̀ kò sí lọ́dọ̀ DNS. Bí gbogbo nǹkan bá sì dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ráútà dí ọ̀nà tí Private DNS ń gbà, ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn nípa áàpù yín. Ẹ dá a padà sí Automatic nígbà tí ẹ bá ṣe é tán.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
Ó ṣí o! Lórí wáìfáì! Mo dá a padà sí Automatic, ó tún kọ̀.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Òkè-Òdò
A ti mú un. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ráútà ń dáhùn gan-an. Ẹ fi áàpù PCAPdroid sórí fóònù, ẹ tan án, ẹ ṣí áàpù alájẹṣẹ́kù. Á to àwọn orúkọ tí áàpù náà ń pè sílẹ̀. Ẹ mú èyí tó jọ orúkọ ẹgbẹ́ yín, ẹ wá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù tó wà lórí wáìfáì yẹn, ẹ tẹ ìlà méjì yìí sínú Command Prompt. Ẹ fi orúkọ tí ẹ rí rọ́pò tèmi:

```
nslookup api.example.com
nslookup api.example.com 8.8.8.8
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń bi olùdáhùn tí ráútà yàn, èkejì ń bi ti Google. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ má tètè pariwo, torí orúkọ kan lè ní nọ́ńbà púpọ̀. `0.0.0.0` tàbí pé ọ̀kan ní òun ò mọ orúkọ náà rárá ni kó jẹ yín lógún.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
Àkọ́kọ́ mú 0.0.0.0 wá. Èkejì mú nọ́ńbà gidi wá.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Òkè-Òdò
Asẹ́ ló ń dáhùn yẹn. Ẹnìkan ti fi DNS tó ń dí ìpolówó tàbí àwòrán ìdọ̀tí sínú ráútà yín, ó sì ka orúkọ tí áàpù yín nílò mọ́ ohun tó yẹ kó dí. Ẹ wọ `192.168.0.1` nínú bráúsà. Bí kò bá ṣí, ẹ dán `192.168.1.1` wò. Ibi méjì ni DNS lè fara pamọ́ sí: ojú ìwé Internet tàbí WAN, àti ojú ìwé DHCP Server. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á tún WAN ṣe, DHCP á ṣì máa pín nọ́ńbà àtijọ́ fún àwọn fóònù.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
DHCP ni mo ti rí i. Nọ́ńbà méjì tí mi ò mọ̀ rí wà níbẹ̀. Àkọ́bí mi ti jẹ́wọ́: òun ló fi wọ́n síbẹ̀ káwọn ìbejì má baà máa wo ìranù. 😂

Ọmọ Òmù-Àrán
Kò burú. Ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Primary, ẹ fi 8.8.8.8 sí Secondary.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Òkè-Òdò
Rárá o. Ìgbà tí àkọ́kọ́ kò bá fèsì rárá ni fóònù ń bi èkejì. Bí àkọ́kọ́ bá ti fèsì `0.0.0.0`, èsì ni fún un, kò ní bi ẹlòmíràn. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì ń bi èyí tó bá wù wọ́n. Áàpù á ṣí láàárọ̀, á kọ̀ lálẹ́, asẹ́ náà á sì máa jò. Ẹ fi `8.8.8.8` àti `1.1.1.1` síbẹ̀, ẹ fi pamọ́, kí ẹ sì pa wáìfáì orí fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún tan án. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà àtijọ́ lè wà lórí fóònù fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
Tèmi ti ń lọ. Ti bàbá ìbejì ṣì ń kọ̀.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Òkè-Òdò
Ẹ tẹ orúkọ wáìfáì lórí fóònù wọn, ẹ wo "IP settings". Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi í sí Static, kó sì kọ nọ́ńbà asẹ́ náà síbẹ̀. Ẹ dá a padà sí DHCP.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Ó ti ń lọ. Àwọn ìbejì wá ńkọ́? Mo fẹ́ asẹ́ yẹn fún wọn.

Ọmọ Òmù-Àrán
Ẹ kọ orúkọ asẹ́ náà sí Private DNS orí fóònù tiwọn nìkan.

Oníṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Òkè-Òdò
Ìyẹn dára, á sì bá wọn lọ sórí dátà pàápàá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ Settings á pa á láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀
Wọ́n mọ Settings jù mí lọ o.