Méèlì ìkíni-káàbọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀: mo ń wá ìmọ̀ràn kíákíá

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. A ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tuntun. Mo fẹ́ máa fi méèlì ránṣẹ́ sí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Mélòó ni ó yẹ kó jẹ́, kí sì ni kí n kọ sínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá Ìbejì, Kétu: Kí ẹ tó ka iye wọn, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹ ó ṣe dá wọn dúró. Mo fi orúkọ àwọn ọmọ mi sílẹ̀ níbì kan, wọ́n sì ń kọ̀wé sí mi ṣáá pé n kò tíì yan àkókò ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀fẹ́ pé, owó jáde nínú káàdì bánkì mi, méèlì tó sọ̀rọ̀ owó náà sì dé lẹ́yìn tí owó ti lọ. Mo fèsì sí i, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í ka àdírẹ́sì yẹn.

Ọmọ Ṣábẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ṣùgbọ́n Mómò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sanwó níbí, owó kò sì ní jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Olùkọ́, ẹ máa kọ̀wé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n má baà gbàgbé yín.

Ìyá Ìbejì, Kétu: Káàdì ni mo wí, n kò dárúkọ Mómò. Ẹni tí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí lójoojúmọ́ yóò tẹ bọ́tìnì Spam, lẹ́yìn náà, èyí tó ṣe kókó pàápàá kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.



Akọ̀wé Àgbà: Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Olùkọ́, ohun tí oníkálukú ti ṣe ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó kọ̀wé sí i, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ sì ti máa kà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan fi orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ ṣe BEPC sílẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Kí méèlì àkọ́kọ́ dé kí ó tó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ó yan ọjọ́ àti wákàtí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá tíì yàn án ní ọjọ́ kẹta, ẹ rán an létí, kí ẹ sì dárúkọ olùkọ́ kan àti wákàtí kan tó ṣí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yàn án ní òwúrọ̀ Àìkú, kí ìránnilétí yẹn má ṣe jáde rárá. Èyí tó kàn ni ti ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀kọ́, tó sọ wákàtí, ibi tí ọmọ yóò tẹ̀ láti wọlé, àti ìwé tí yóò gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ kọ gbólóhùn méjì nípa ibi tó ti ń ṣòro fún ọmọ. Kí iye owó àti ọjọ́ tí ẹ ó gbà á ti dé ọwọ́ òbí ní ọjọ́ kẹwàá. Kò ní ju márùn-ún lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀: Márùn-ún kéré! Kí ló dé tí ẹ kò lo Wásáàpù, níbi tí gbogbo ènìyàn wà?

Akọ̀wé Àgbà: Wásáàpù dára fún ìránnilétí ọjọ́ ẹ̀kọ́, nítorí pé fóònù ọmọ ni a lè fi ránṣẹ́ sí. Òbí ló ń sanwó, ọ̀rọ̀ owó sì yẹ kó wà níbi tí yóò ti lè wá a rí lẹ́yìn oṣù kan. Olùkọ́, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Gmail ti ara yín lónìí, kí ẹ ṣí "Afficher l'original", kí ẹ wò ó bóyá `SPF: PASS` àti `DKIM: PASS` wà níbẹ̀, àwọn àmì tí Gmail fi ń mọ̀ pé méèlì náà kì í ṣe ayédèrú. Bí `FAIL` bá wà níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ń bójú tó àdírẹ́sì yín kó tó di ọjọ́ Ajé, torí ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ méèlì yín má dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. `PASS` ni méjèèjì. Méje ni mo ti kọ sílẹ̀, ọ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ ni n ó sì ṣe é, nítorí pé ẹ̀rọ tí a ń lò kò lè ya ẹni tó ti yan àkókò sọ́tọ̀. Mo ti gbé ti owó wá sí ọjọ́ kọkànlá, èmi fúnra mi ni n ó sì máa ka èsì.

Ìyá Ìbejì, Kétu: Ìránnilétí yóò ṣì máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, àbí?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, fún ìsinsìnyí. N ó máa fi ọwọ́ yọ orúkọ wọn kúrò ní alaalẹ́.

Akọ̀wé Àgbà: Tí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ yín ń fi wọ́n ránṣẹ́, alaalẹ́ tó. Tí ó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní kùtùkùtù.