Ọjọ́ wo lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ Iléyá? Bó ṣe bá mi nìyí

Télọ̀ Arówómọlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Télọ̀ ni mí ní Arówómọlé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ní, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì la jọ ń ṣe é. Mo fẹ́ sọ bí Iléyá 2025 ṣe rí fún mi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, torí mo ti ń múra ti 2026 sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí irú ẹ̀ tún bá mi.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo aṣọ tó bá wọlé sí. Ní 2024, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni mo gbé e sórí Wáàsáàpù pé mo ti ń gba aṣọ ọdún. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà. Aṣọ 165 ni mo rán (bùbá àti ṣòkòtò ni mo kà sí ẹyọ kan), gbogbo ẹ̀ ló sì jáde kí ọdún tó kò. Nígbà tó di 2025, mo ṣí ìwé, mo rí ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, mo tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mi ò rò ó pé ọdọọdún ni Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 tètè dé ju ti èṣí lọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni ti 2025 bọ́ sí.

Ẹ bá mi kà á. Lọ́jọ́ tí iná bá wà, aṣọ márùn-ún la máa ń parí. A kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, lílọ aṣọ àti fífún olówó láṣọ nìkan la fi ń ṣe. Tí mo bá yọ ìwọ̀nyí kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ 37 ni mo ní ní 2024, ìyẹn aṣọ 185. Ní 2025, ọjọ́ 28 péré ló kù, ìyẹn aṣọ 140. Mo sì tún gba 165, torí pé iye tí ìwé sọ nìyẹn.

Aṣọ 25 tó lé yẹn nìkan kọ́ ló dà mí láàmú o. Owó oṣù ni. Ní 2024, owó oṣù Karùn-ún ti wọ ọwọ́ àwọn èèyàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ ṣáájú ọdún. Wọ́n ra aṣọ, wọ́n gbé e wá, àyè ṣì wà. Ní 2025, owó oṣù kan náà yẹn wọlé nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò bá rí bí wọ́n ṣe ń já aṣọ lé mi lórí. Láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 31, aṣọ 58 ló wọlé, mi ò sì lè sọ fún oníbàárà ọdún mẹ́wàá pé kó máa gbé aṣọ ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń bá mi fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí ọrùn aṣọ, ọjọ́ méjì ló máa ń gbà lásìkò tí ọjà dákẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọjọ́ mẹ́fà ló gbà, torí gbogbo télọ̀ tó wà ládùúgbò ló wà níwájú ẹ̀. Aṣọ tí mo ti gé, tí mo ti rán apá kan, kàn ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀ ni.

Mo gbé aṣọ 25 fún télọ̀ míì, 4,500 náírà ni mo san lórí ẹyọ kan nínú 6,000 tí mo gbà. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni mo tú rán. Èèyàn méje ni aṣọ wọn ò jáde títí tí ọdún fi lọ, mo dá owó wọn padà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá àgbàlagbà tó fẹ́ wọ agbádá náà lọ sí yídì. Ó dùn mí gan-an ni.

Ti 2026, nǹkan bí ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń retí ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé owó oṣù Karùn-ún lè má tíì wọlé rárá. Owó oṣù Kẹrin ló dájú. Nítorí náà, láti ẹ̀yìn ni mo ti kà á wá. Ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, aṣọ gbogbo ti parí. Ọjọ́ 9, mo ti ilẹ̀kùn, mi ò gbà mọ́. Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, nítorí náà ọjọ́ 7 ni mo máa ṣí. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, 5,000 ló máa san dípò 6,000. Aṣọ 165 ni mo máa gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkà mi fi 205 hàn, torí iná àti àìsàn. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Adénikẹ

Bọ̀dá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Lójú tèmi, ẹ ti ń tètè gé owó jù. Ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an ni kí ẹ gé owó, torí ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn wà níta. Ìpara àti lọ́fíńdà ni mò ń tà. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú Iléyá ni mo yọ 300 náírà lórí ìpara kọ̀ọ̀kan, páálí mẹ́fà ló tán ní ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Ìyá Oníbàtà, Ọjà Jagun

Ọmọ Adénikẹ, tìrẹ yé mi, ó sì dáa fún ọjà tó ti wà nínú páálí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni télọ̀ ń tà. Tó bá gé owó lọ́sẹ̀ ọdún, iṣẹ́ tí kò ráyè ṣe ló ń pè wá.

Télọ̀ ọmọ mi, kíkà rẹ dára. Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ rẹ ni 1,000 náírà yẹn. Ní ọjọ́ 7 sí 18 oṣù Kẹrin, ta ló ní owó lọ́wọ́? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ Àjíǹde tán, owó oṣù ò sì tíì dé. Ẹni tí kò ní 6,000, kò ní 5,000 náà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi. Bàtà kọ̀tínà àti báàgì ọmọ iléèwé ni mò ń tà. Ní 2016, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án. Ní 2017, ó bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ìwọlé ọmọ iléèwé àti àgbò wá jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kan náà. Nígbà tí mo rí i ní 2017 pé ọjà ò lọ, ẹ̀rù bà mí, mo yọ owó kúrò lórí gbogbo bàtà. Àwọn tó ní owó, tí wọn ì bá san iye tó pé, ló wá rà á ní pọ́ọ́kú. Àwọn tó ti fi owó wọn ra àgbò kò wá rárá. Bàtà àtijọ́ làwọn ọmọ wọn wọ lọ síléèwé. Lọ́sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti wọlé ni wọ́n tó ń yọjú, owó mi sì ti bàjẹ́ nígbà yẹn.

Láti ìgbà náà, tí owó bá wọ́n, mi ò gé e mọ́, mo ń pín in ni. Ìyá ọmọ á fi 1,500 dá bàtà dúró ní oṣù Kẹjọ, màá kọ orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà ẹsẹ̀ sí páálí, á wá san ìyókù nígbà tí owó bá wọlé. Ìwọ náà, gba aṣọ pẹ̀lú 2,000, kí wọ́n parí ẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹrin. Aṣọ á wà lọ́wọ́ rẹ, wàá máa gé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjà fúnra ẹ̀, ẹ̀yin tó ń ta bàtà iléèwé, oṣù Keje ni kí ẹ ti ránṣẹ́ sí Àbá. Nígbà tó bá di ìparí oṣù Kẹjọ, gbogbo ìlú ló ń ránṣẹ́ síbẹ̀, nọ́ńbà 30 sí 35 ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Àwọn ńlá ńlá àti kéékèèké tí wọ́n bá kó fún yín, ọdún tó ń bọ̀ ló máa bá a.

Ohun kan tún wà o. Má kọ “ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún” sínú ìkéde rẹ. Kọ ọjọ́ oṣù. Ti Iléyá ṣì rọrùn, torí ọjọ́ kẹwàá oṣù wọn ló máa ń jẹ́, tí wọ́n bá ti rí òṣùpá, ó ku bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ti Ìtùnú, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n tó ń mọ̀.

Olóúnjẹ Under G

Ẹ ṣeun Màmá. Èmi náà jìyà irú ẹ̀. Mo kó gàrí, ìndómì àti mílíìkì rẹpẹtẹ ní oṣù Kẹsàn-án torí mo rí i pé àwọn ọmọ iléèwé ti ń wọlé. Àwọn ọmọ yunifásítì ò sí nílé! Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó dé, ìdin ti wọ apá kan gàrí náà. Ṣé kí n dúró de Iléyá kí n tó kó ọjà ni?

Ìyá Oníbàtà, Ọjà Jagun

Rárá, ọmọ mi, Iléyá kò kan tìrẹ. Àwọn oníbàárà rẹ máa ń lọ sílé ọdún ni. Kàlẹ́ńdà LAUTECH ni kí o máa wò, má sì gba èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde gbọ́, ó máa ń yí. Bi àwọn onílé. Nígbà tí ọmọ bá ti ń wá san owó ilé, tí wọ́n ń gbá yàrá, ọ̀sẹ̀ kan ló kù nìyẹn. Mílíìkì lè dúró, ṣùgbọ́n gàrí, díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa rà á.

Aránṣọ Iléèwé, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀yọ́ ni mo wà, ní Owódé, yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán. Mo tètè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan, oṣù Kẹfà ni mo ti rán 80 sílẹ̀ fún iléèwé aládàáni kan. Nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti yí àwọ̀ padà. 80 yẹn ṣì wà nínú àpò. Nísinsìnyí, mo máa ń lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé kí n tó gé aṣọ. Àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ iléèwé jọ ń lò nìkan ni mo máa ń rán láìgba lẹ́tà, ìdajì ẹ̀ ni mo sì máa ń rán, ìyókù á wà ní gígé.

Oṣù Kìíní ni mi ò rí ojútùú sí. Àwọn òbí ti ná gbogbo owó wọn lọ́dún Kérésì, àmọ́ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ti kúrú. Mo dín owó kù, wọn ò wá. Mo ní kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì bíi ti Màmá, wọ́n san ìlàjì, àwọn mọ́kànlá ò padà wá san ìyókù, aṣọ sì ti lọ.

Ìyá Oníbàtà, Ọjà Jagun

Èmi kì í fún wọn ní bàtà títí wọn á fi san tán. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tìrẹ le, ọmọ ò lè wà níhòòhò dúró. Mi ò ní ìdáhùn oṣù Kìíní fún ọ.

Télọ̀ Arówómọlé

Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Mo ti yí i padà: 6,000 ni fún gbogbo èèyàn, 2,000 ní ọjọ́ tí aṣọ bá wọlé láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ìyókù kó tó di ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún. Mo lọ bá ẹni tó ń ṣọnà lánàá pé kó fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, kí aṣọ mi má bàa sùn lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́. Ó ní òun á gbà tí mo bá san owó aṣọ mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá mo gbé e wá tàbí mi ò gbé e wá. Mo ṣì ń rò ó.