Ọmọ mẹ́ta, ọjọ́ kan gbáko ní Dísíníláǹdì Párìsì: kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní í di ẹkún?

Màmá Dámi, Ìgbógbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé nítòsí Párìsì ní kí n kó àwọn ọmọ wá lo ọlidé oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ òun. Físà ti jáde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún wa ní Dísíníláǹdì, èmi, òun àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dámi ti pé ọdún méjìlá, Kúnlé jẹ́ mẹ́sàn-án, Ọ̀pẹ́ jẹ́ méje.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kérésì tó kọjá ló ń bà mí lẹ́rù. A kó wọn lọ sí ọgbà eré ńlá kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Aago méje àárọ̀ la kúrò nílé, gosiló dá wa dúró ní Máìlì Méjìlá, oòrùn ti mú ká tó wọlé. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ní Ọ̀pẹ́ ò ga tó ẹ̀rọ kan tó ti tò fún pẹ́, ló bá gbé ara ṣánlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ebi ti ń pa Kúnlé, òun náà bú sẹ́kún. Dámi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, pàápàá lórí owó tí ẹ̀gbọ́n mi fi làágùn. Ẹ bá mi dá sí i.

Alhájì Ọ̀nà Ṣàgámù

Ẹ má gba Kétu mọ́ rárá. Ẹ gba Ọ̀dógunyàn bọ́ sí Ṣàgámù, kí ẹ já sí márosẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀nà yẹn jìn díẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní í pẹ́ lójú ọ̀nà. Kí ẹ sì gbé kúlà omi tútù sẹ́yìn ọkọ̀.

Màmá Dámi, Ìgbógbó

Ẹ ṣé sà. Párìsì la ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ màá rántí ọ̀nà yẹn fún ọjọ́ míì.

Bàbá Rónkẹ́

Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, torí wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ni ìlà kúrú jù. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ san owó tí wọ́n fi ń fo ìlà, kí àwọn ọmọ má dúró rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ má kúrò títí wọ́n á fi yin iná aláràbarà yẹn sójú ọ̀run lálẹ́. Owó ńlá ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ lò ó tán. Wọ́n á sùn nínú ọkọ̀ ojú irin.

Àǹtí Ṣadé, Párìsì

Màmá Dámi, ẹ kú ìmúra. Ọmọ Ìkòròdú bíi tiyín ni mí, láti Ìpakòdò, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé níhìn-ín, mo sì ti kó ọmọ tèmi àti ọmọ àlejò lọ síbẹ̀ tí mi ò lè kà á mọ́. Bàbá Rónkẹ́ sọ òótọ́ nípa àárọ̀. Ti alẹ́ yẹn ni mi ò fara mọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti gíga, torí ibẹ̀ ni ẹkún Ọ̀pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ni kí ẹ ti yanjú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ. Bí ẹ ṣe máa rí orúkọ wọn lórí áàpù ọgbà náà ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. Big Thunder Mountain, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré yí òkè ká, ń fẹ́ ọmọ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 102. Hyperspace Mountain, tó ń sáré nínú òkùnkùn, ń fẹ́ 120. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Indiana Jones pè ń fẹ́ 140. Peter Pan's Flight àti ọkọ̀ ojú omi "it's a small world" ò béèrè gíga kankan. Ẹ ní kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ gbé ìwé líle lé e lórí kó tẹ́jú, kí ẹ wá fi pẹ́ńsù fàlà sára ògiri. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n lálẹ́, torí gíga èèyàn máa ń dín díẹ̀ tó bá ti rìn látàárọ̀. Ti alẹ́ ni kí ẹ gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà kó mọ èyí tí òun máa gùn. Ọmọ tó ti mọ̀ láti Ìkòròdú pé òun ò ní í gun nǹkan kan, ó lè bínú nílé kó sì parí ìbínú rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó tò fún wákàtí kan kó tó gbọ́ ọ, ẹkún ló máa sun.

Ti Ọ̀pẹ́ bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ béèrè Baby Switch lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ìlà. Ẹ̀gbọ́n yín á bá àwọn méjì tó ga wọlé, ẹ̀yin á dúró ti Ọ̀pẹ́. Tí wọ́n bá jáde, ẹ̀yin náà á wọlé láìtò látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti wéwèé ohun tí Ọ̀pẹ́ máa ṣe lákòókò yẹn, kó jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Ẹ má jẹ́ kó kàn jókòó máa wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà wọlé.

Bàbá Rónkẹ́

Tó bá ku sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì ńkọ́? Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ò lè yanjú ẹ̀?

Àǹtí Ṣadé, Párìsì

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n yẹn, bí irin tó ń di èèyàn mú ṣe máa jókòó sí èjìká àti itan rẹ̀. Bàtà ò sọ èjìká di gíga.

Ìyá Ìbejì

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ àwa ò kẹ́ ọmọ báyìí nígbà tiwa. Mo kó àwọn ìbejì mi lọ sétí òkun Bàdágìrì ní Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Nígbà tí Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ ariwo, mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì ní ìdí, ó sì dákẹ́. Ohun tó kó mi láyà jẹ lọ́jọ́ náà ni pé Táyé sọnù fún bí ìṣẹ́jú ogún. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára wọn, ẹ sì yà wọ́n ní fọ́tò láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Àǹtí Ṣadé, Párìsì

Ẹ kú ewu Táyé, mà. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ṣe pàtàkì gan-an, èmi náà máa ń ṣe é. Ti lílù, láti 2019 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí òbí má lu ọmọ, ẹ má dán an wò láàárín ọgbà. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ tó gbé ara ṣánlẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ariwo sì ti kún etí rẹ̀. Kò tíì ya aláìgbọràn. Ẹ wo ọmọ yín dáadáa, ẹ máa rí i kó tó dé: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ á dákẹ́, tàbí á bẹ̀rẹ̀ sí í bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ibi tó dúró sí nínú ìlà. Ẹ má wọnú ìlà míì lẹ́yìn ìyẹn.

Bí èmi ṣe ń ṣe ọjọ́ náà nìyí. Peter Pan's Flight la máa ń sá lọ ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, torí tó bá di ọ̀sán nínú oṣù kẹjọ, ìlà ibẹ̀ lè ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn ẹ̀, Big Thunder Mountain. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ la ti ń jẹun, ebi pa wá o, kò pa wá o. Láàárín aago méjìlá sí méjì, gbogbo ilé oúnjẹ ibẹ̀ máa ń kún, ọmọ tébi ń pa á sì wá máa tò fún oúnjẹ. Ó burú ju títò fún eré lọ. A ó lọ tọ̀ kí a tó wọ ìlà èyíkéyìí, torí ẹni tó bá jáde nítorí ìtọ̀ ti pàdánù àyè rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ìlà, ẹ má fún wọn ní fóònù lójú ẹsẹ̀, bátìrì ò ní í tó. Àlọ́ àpamọ̀ ni mo fi ń mú tèmi: "Òkun ń hó yaa, ọ̀sà ń hó yaa, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Kí wọ́n tó dé orí ọmọrogùn, ìlà á ti sún. Kí àwọn náà wá máa pa tiwọn.

Láti bí aago kan sí méjì, a kì í tò fún nǹkan kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbà wọlé, ọ̀nà abòrùlé kan wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì, wọ́n tutù díẹ̀, èrò ò sì pọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án. A ó jókòó, a ó bọ́ bàtà, ẹni tó fẹ́ sùn lé itan á sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, "it's a small world", ọkọ̀ ojú omi tó ń rọra lọ. Kò sí ẹni tó máa ń ké lẹ́yìn wákàtí yẹn.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ló wá kù. Ní Ìkòròdú, tí aago méje bá ti lù, ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ. Níhìn-ín nínú oṣù kẹjọ, aago mẹ́jọ ààbọ̀ á kọjá kí oòrùn tó wọ̀, wọn ò sì lè yin iná yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojúmọmọ á tan ọmọ, á tan ẹ̀yin náà, ẹ ò ní í mọ̀ pé ọmọ ọdún méje ti wà lórí ìrìn fún wákàtí mẹ́rìnlá. Èrò tó máa ya sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Èmi máa ń kúrò ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Tó bá ku wákàtí kan, a ó sọ fún wọn, oníkálukú á mú ohun ìkẹyìn tirẹ̀. Ẹ fún wọn lówó ìrajà látàárọ̀ nínú àpòòwé, kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń jáde nìkan ni wọ́n máa ná an, torí ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀.

Bàbá Rónkẹ́

Àǹtí, mo gbọ́ ti Ọ̀pẹ́. Àmọ́ Dámi ti tó wo iná yẹn, mi ò rò pé ó yẹ kó pàdánù ẹ̀ nítorí àbúrò. Kí wọ́n pín ara wọn sí méjì, àgbà méjì ni wọ́n kúkú jẹ́.

Àǹtí Ṣadé, Párìsì

Ìyẹn ṣeé ṣe, tí ẹ̀gbọ́n Màmá Dámi bá lè dúró. Ti owó ìfolà, èmi kì í san án. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà á, ẹ ẹ́ sì san án lọ́nà márùn-ún. Bóyá fún ẹyọ kan ṣoṣo tí ọmọ fẹ́ jù.

Màmá Dámi, Ìgbógbó

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín. Mo ti wọ̀n wọ́n lánàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀pẹ́ jẹ́ 118. Ó bínú sí Hyperspace Mountain, ó sunkún díẹ̀, ó wá ní òun fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ lọ wo dírágónì tí wọ́n ní ó wà lábẹ́ ààfin ọgbà náà nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n òun bá wọ ẹ̀rọ yẹn. Kúnlé jẹ́ 132, kò sí wàhálà.

Ti Dámi ni mi ò retí. 140 láàárọ̀, ó lé díẹ̀. Lálẹ́, 139 àti ààbọ̀. Indiana Jones yẹn gan-an ló ti ń sọ fún gbogbo kíláàsì ẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Mi ò tíì jẹ́ kó rí ti alẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ má tíì sọ fún un o. Oṣù mẹ́ta ṣì kù, ọmọ ọdún méjìlá lè ga sí i kí ẹ tó lọ.

Àǹtí Ṣadé, Párìsì

Ó lè fi sẹ̀ǹtímítà kan lé e, lóòótọ́. Àmọ́ èmi á sọ fún un lónìí, màá sì fi pẹ́ńsù lé e lọ́wọ́ kó máa wọ̀n ara rẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan.

Màmá Dámi, Ìgbógbó

Mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe. Ó wà ní ìyàrá báyìí, ó ń ka ìwé fún ìdánwò. Mo máa dúró kó parí ìdánwò ná.