Ẹ̀rí owó fún físà ọmọ tó ń lọ sí Mansẹ́sítà: ìwé wo ni kí n gbà ní báǹkì?

Ìyá Olóbì, Ṣágámù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Yunifásítì kan ní Mansẹ́sítà ti gba ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 19. Owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 16,500 pọ́n-ùn, a ti san 6,000 nínú rẹ̀. Obì ni mò ń tà. Gbogbo owó tí àwọn oníbàárà òkè Ọya bá san, inú akáǹtì kan ṣoṣo ló ń wọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń san owó àwọn àgbẹ̀. Bí ó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Àjọ kan máa kàn mí ní ìparí oṣù kẹfà, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní òun máa fi 5,000 pọ́n-ùn kún un. Báǹkì ní kí n wá gba lẹ́tà tó sọ iye tó wà lọ́wọ́ mi. Ṣé lẹ́tà yẹn tó? Ìgbà wo ni kí n gbà á?

Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá, ẹ má gba lẹ́tà. Sitétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń wò. Kí àbúrò yín kọ̀wé pé òun ni onígbọ̀wọ́, kí ó búra ní kóòtù, kí ó fi sitétímẹ́ǹtì tirẹ̀ ránṣẹ́. Bí a ṣe ṣe ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn nígbà tó ń lọ.

Òṣìṣẹ́ Báǹkì Tẹ́lẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Òótọ́ ni pé lẹ́tà tó ń sọ iye tó wà nínú akáǹtì lónìí nìkan kò wúlò. Ṣùgbọ́n ìlú Ọba kò béèrè oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ 28 tó tẹ̀ léra ni òfin wọn sọ, owó náà kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọjọ́ 28 náà. Ibí yìí ni ó ti máa ń ká àwa oníṣòwò mọ́. Ẹ lè ní ogójì mílíọ̀nù ní òwúrọ̀, kí ẹ san owó àgbẹ̀ ní ọ̀sán, kí owó oníbàárà sì wọlé padà ní ọjọ́ kejì. Lójú yín, owó pé. Lójú ẹni tó ń ka sitétímẹ́ǹtì, ó já ní ọjọ́ kan, ìyẹn sì ti tó láti kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiyín. Iye tó kù nínú owó ilé-ìwé jẹ́ 10,500 pọ́n-ùn, bí 6,000 tí ẹ san bá ti hàn lórí CAS, ìyẹn ìwé ìgbaniwọlé tí ilé-ìwé kọ fún físà ọmọ yín. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí bí kò bá hàn níbẹ̀, ẹ ní kí ilé-ìwé tún un kọ. Owó oúnjẹ àti ilé fún ẹni tí kò gbé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 1,171 pọ́n-ùn lóṣù láti oṣù kọkànlá 2025, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n sì ń kà: 10,539. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21,039 pọ́n-ùn.

Bí owó náà bá jẹ́ náírà, iye pàṣípààrọ̀ tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù OANDA ní ọjọ́ tí ọmọ bá fi ìwé físà sílẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀. Kì í ṣe iye tí ẹ rí ní ọjọ́ tí ẹ kó owó sílé. Ká ní pọ́n-ùn kan jẹ́ 2,000 náírà, ohun tí ẹ nílò jẹ́ 42,078,000. Bí ẹ bá fi iye yẹn gẹ́lẹ́ sílẹ̀, tí náírà rọ̀ díẹ̀, ó ti bàjẹ́. Owó tí báǹkì ń yọ fún àtẹ̀jíṣẹ́ pàápàá lè fà á wálẹ̀. Èmi á fi mílíọ̀nù mẹ́rin kún un. Ẹ ṣí akáǹtì tuntun lórúkọ ara yín, ẹ kó owó náà sínú rẹ̀, kí ẹ má sì san owó obì kankan láti inú rẹ̀.

Ní ti àbúrò yín, owó rẹ̀ kò wúlò níbi tó wà. Owó ọmọ fúnra rẹ̀, ti òbí rẹ̀ tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí ó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kí ó fi ránṣẹ́ sínú akáǹtì yín kí kíka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Tíṣà, Ìpẹru

Ẹ̀gbọ́n, ti Kánádà ni èmi ń ṣe fún ọmọ mi. Sitétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́rin ni wọ́n ní kí n mú wá. Ṣé kí èmi náà máa ka ọjọ́ 28?

Òṣìṣẹ́ Báǹkì Tẹ́lẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Rárá o. Òfin Kánádà yàtọ̀, ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìyá Olóbì, Ṣágámù

Ẹ ṣé gan-an, sà. Bí àjọ bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, ìgbà wo ni mo lè gba sitétímẹ́ǹtì? Nǹkan kan tún wà. Orúkọ ilé bàbá mi ló wà lórí ìwé ìbí ọmọ mi, orúkọ ọkọ mi ló wà ní báǹkì.

Òṣìṣẹ́ Báǹkì Tẹ́lẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Bí owó bá pé ní ọjọ́ kejì oṣù keje, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka láti ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n bọ́ sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje. Ẹ gba sitétímẹ́ǹtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, kí orúkọ yín, nọ́ńbà akáǹtì, orúkọ báǹkì, déètì àti gbogbo owó tó wọlé tó jáde hàn níbẹ̀. Kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí, nítorí sitétímẹ́ǹtì náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ní ọjọ́ yẹn. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ tún máa gba òmíràn.

Ẹ kọ lẹ́tà kan tó sọ pé ọmọ yín ni, pé ẹ gbà kí ó lo owó náà, kí ẹ fi ìwé ìbí tì í. Ní ti orúkọ, ìwé ìgbéyàwó ló máa fi hàn pé ẹnì kan náà ni ẹ.

Ìyá Olóbì, Ṣágámù

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ la ṣe, a kò gba ìwé kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mọ̀mí, ẹ má dààmú ara yín tó báyìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yáni ní owó fún ọjọ́ 28, ẹ kàn máa san èlé ni. Ọ̀rẹ́ mi ṣe é, ó sì lọ.

Òṣìṣẹ́ Báǹkì Tẹ́lẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Àbúrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu. Owó tó já wọ inú akáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà láìní orísun ni wọ́n máa ń fura sí, wọ́n sì lè pe báǹkì. Bí wọ́n bá rí i pé ìwé kò jẹ́ òótọ́, wọ́n lè máa kọ físà fún ọmọ náà fún ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn tó bá ti gba físà náà, ta ló máa san owó ilé-ìwé tó kù?

Ìyá, owó àjọ yín náà máa já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ olórí alájọ pé ìpín yín ni, kí ẹ sì tọ́jú sitétímẹ́ǹtì akáǹtì obì yín.

Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdí tí mo fi ní oṣù mẹ́fà nìyẹn. Ẹ fi èyí tó ń fi òwò yín hàn tì í.

Òṣìṣẹ́ Báǹkì Tẹ́lẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Lórí èyí, èmi àti ẹ kò ní jà. Àwọn kan máa ń fi sí i, àwọn kan ní kí a má fún wọn ní ohun tí wọn kò béèrè. Èmi á tọ́jú rẹ̀ sílé, kí ó wà nílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè.

Ìyá Olóbì, Ṣágámù

Mo ti gbọ́. Ọ̀la ni mo ń lọ ṣí akáǹtì náà. Lọ́dọ̀ ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ bíi tèmi, tí físà ọmọ rẹ̀ sì jáde: ìwé wo lẹ fi dípò ìwé ìgbéyàwó? Ṣé ìwé ìbúra kóòtù gbà wọ́n?