"Àkànmọ́lẹ̀" ni àbí "àfẹnukò"? Orúkọ tó yẹ iye wúrà Lọ́ńdọ̀nù

Akọ̀ròyìn rédíò, Ìbarà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iye wúrà tí Lọ́ńdọ̀nù ń gbé jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, "iye àkànmọ́lẹ̀" ni mo ń pè é, ẹnìkan sì ní kò bá a mu. Kí ni ká máa pè é? Kí sì ni ká máa pe èyí tó ń yí lójú fóònù ní gbogbo ìgbà?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Aké: Àkànmọ́lẹ̀ dáa lójú tèmi. Láti 1919 ni àwọn oníṣòwò wúrà márùn-ún ti ń jókòó sí ọ́fíìsì báńkì Rothschild, àsíá kékeré níwájú oníkálukú. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni gbogbo ayé ń tẹ̀ lé. Kí la tún ń pè ní kíkàn mọ́lẹ̀?

Òṣìṣẹ́ báńkì tẹ́lẹ̀, Òkè Ìléwó: Bàbá, òótọ́ ni ti 1919, ṣùgbọ́n Rothschild ti yọwọ́ ní 2004, láti oṣù kẹta 2015 sì ni gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, tí ilé iṣẹ́ ICE ń darí rẹ̀. Àsíá yẹn gan-an, "ẹ dúró ná" ló ń sọ: ẹni tó gbé e sókè fẹ́ gbọ́ tẹnu oníbàárà rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú.

Ká ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ti lù ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé 2,400 dọ́là kalẹ̀ lórí áúnsì kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, oníkálukú á tẹ iye áúnsì tó fẹ́ rà tàbí tó fẹ́ tà ní owó yẹn. Ká ní àwọn olùrà ń wá 80,000, àwọn tó ń tà sì mú 45,000 wá. Àlàfo yẹn ti fẹ̀ jù, wọ́n á sún owó sí 2,403. Olùrà kan á fà sẹ́yìn, ẹni tó ń tà á fi kún tirẹ̀, ó wá ku 60,000 sí 55,000. Tí àlàfo kò bá ti ju 10,000 lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ó parí nìyẹn. Àwọn tó kópa á pín 5,000 tó ṣẹ́kù láàárín ara wọn lọ́gbọọgba, gbogbo wọn á sì rà, wọ́n á tà ní 2,403. Aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n á tún un ṣe. Ẹ ò rí i pé "iye àfẹnukò" ló sún mọ́ ọn?

Ìyá oníwúrà, Kútọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun ló fà á tí gíráàmù kan fi wọ́n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà mi ju ti fóònù lọ? Mo fi hàn án, ó ní kí n lọ rà á lọ́wọ́ fóònù.

Òkè Ìléwó: Ìyá wa, ẹjọ́ tiyín yàtọ̀. Ọ̀pá wúrà tó tó 400 áúnsì, tí wọ́n tì mọ́lé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń sọ iye rẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là, owó iṣẹ́ ọwọ́ àti èrè alágbẹ̀dẹ yín kò sí nínú rẹ̀.

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ṣebí gbàǹjo lèyí?

Olùkọ́, Aké: Rárá o. Ní gbàǹjo, ẹni kan ló ń tà, owó ń gòkè ni, ẹni tó bá sọ owó tó ga jù ló ń gbé e lọ. Èyí tí wọ́n ṣàlàyé yìí lè sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń gbé nǹkan lọ. Ti ojú fóònù ni mo fẹ́ fún lórúkọ: "iye ìdúnàádúrà". Ẹni méjì ná an, wọ́n gbà, ẹni méjì mìíràn tún dé.

Òkè Ìléwó: Mo fara mọ́ ọn. Òun ló fi máa ń ní iye méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti ẹni tó fẹ́ rà àti ti ẹni tó fẹ́ tà. Ilé iṣẹ́ tó ń wa wúrà kò lè fi ìyẹn kọ ìwé àdéhùn, torí wọ́n á jà lórí ìṣẹ́jú àáyá wo. Wọ́n á kúkú kọ "iye ọ̀sán ọjọ́ báyìí".

Àbùkù iye àfẹnukò ni pé gbogbo èèyàn mọ aago rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2012, báńkì Barclays máa san 3.9 mílíọ̀nù dọ́là fún oníbàárà kan bí iye ọ̀sán bá kọjá 1,558.96. Òṣìṣẹ́ wọn kan da wúrà púpọ̀ sílẹ̀ fún títà láàárín ètò náà. Ó parí sí 1,558.50. Sẹ́ǹtì 46 péré! Ní 2014, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn báńkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 26 pọ́n-ùn lé báńkì náà.

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́: Ti ìdúnàádúrà ló dáa jù nìyẹn.

Òkè Ìléwó: Àbúrò, wọ́n ń ṣe màgòmágó níbẹ̀ náà. Wọ́n á gbé àṣẹ ńlá tí wọn kò ní í lọ́kàn láti mú ṣẹ síta, tí owó bá ti yí, wọ́n á kó o kúrò. Báńkì JPMorgan san 920 mílíọ̀nù dọ́là ní 2020 lórí irú rẹ̀, wúrà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Olùkọ́, Aké: Mo ti fi àkànmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gba àfẹnukò. Ta ló lanu níbẹ̀? Wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì ni. "Iye ìbádọ́gba" ni tèmi, torí ìgbà tí rírà àti títà bá fẹ́ dọ́gba ló ń parí.

Akọ̀ròyìn, Ìbarà: Bàbá, kò ní yá lẹ́nu mi lórí afẹ́fẹ́. Àfẹnukò ni màá lò títí ẹ ó fi parí rẹ̀. Ṣé ti ọ̀sán ti máa ń jáde kí ìròyìn aago mẹ́rin wa tó bẹ̀rẹ̀?

Òkè Ìléwó: Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, ó ti máa ń jáde, aago wa bá tiwọn mu nígbà yẹn. Lásìkò ọyẹ́, aago mẹ́ta wọn ni aago mẹ́rin wa, ẹ ka ti òwúrọ̀, kí ẹ sì sọ pé ti òwúrọ̀ ni.