Fáìlì tí mi ò mọ orísun rẹ̀: Látìn-1 ni àbí UTF-8? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ kí n tó kà á?

Adúkẹ́ (Àkúrẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tọ́jú àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ níbí. Lóṣooṣù ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń fi fáìlì .txt ránṣẹ́: orúkọ, táàbù, lẹ́yìn náà iye owó tí onítọ̀hún fi pamọ́. Àwọn kan ń lo kọ̀ǹpútà àtijọ́, àwọn mìíràn ń fi fóònù tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ohunkóhun nínú fáìlì tó ń sọ irú èyí tí wọ́n lò.

Ètò Páítọ̀n tí mo bá nílẹ̀ ń ka gbogbo wọn bíi Látìn-1. Kò kọ fáìlì kankan sílẹ̀ rí, àmọ́ ohun tó ń tẹ̀ jáde sórí káàdì ọmọ ẹgbẹ́ nìyí:

```
AdÃ©
```

Adé ni orúkọ ọkùnrin náà o. Mo wá yí ètò náà padà sí UTF-8. Àwọn káàdì yẹn dára, ni fáìlì ti ẹ̀ka Oǹdó bá kọ̀ jálẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́:

```
'utf-8' codec can't decode byte 0xe9 in position 2: invalid continuation byte
```

Ṣé ọ̀nà wà tí ètò lè fi mọ èyí tó jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Fáìlì náà ti pọ̀ ju kí n máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan lọ.

Ṣèyí:
Má da ara ẹ láàmú. Tí o bá ń lo Línọ́ọ̀sì, `file -i oruko.txt` ni kó o tẹ̀. Yóò sọ fún ọ bóyá `utf-8` ni tàbí `iso-8859-1`. Ohun tó bá sọ ni kó o gbà.

Màmá Tọ́pẹ́:
Adúkẹ́, èmi náà rí i bẹ́ẹ̀! Ìwé ètò ìgbéyàwó ọmọ mi, gbogbo ibi tí ẹ̀ àti ọ̀ wà ló di àpótí kéékèèké lórí fóònù mi. Ọmọ kan ní Alágbàká ló bá mi fi fọ́ǹtì mìíràn sí i, gbogbo rẹ̀ sì hàn. Fọ́ǹtì ni kó o wá.

Olùkọ́ Àgbà (Oǹdó):
Màmá Tọ́pẹ́, ẹ kú oríire ìgbéyàwó. Ti yín yàtọ̀ sí èyí. Lẹ́tà yín pé nínú fáìlì, fóònù ni kò ní àwòrán tó máa fi hàn án. Ní ti Adúkẹ́, báìtì ni wọ́n ṣì kà, fọ́ǹtì kò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Adúkẹ́, Látìn-1 kò lè kọ fáìlì kankan láéláé. Gbogbo báìtì, láti 00 dé FF, ló ní ààyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, pé ó kà á tán láìjanpata kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. UTF-8 ló ní òfin tó le, òun sì ni kó o fi dán fáìlì wò ṣáájú. Ìgbà tó bá kọ̀ ni kó o tó lọ sọ́dọ̀ Látìn-1.

Wo Adé yẹn. Nínú fáìlì Látìn-1, 41 64 E9 ni. Nínú UTF-8, 41 64 C3 A9 ni. Bí UTF-8 bá pàdé E9, ó ń retí báìtì méjì sí i lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn méjèèjì wà láàárín 80 àti BF. Táàbù ló bá nínú fáìlì wa láti Oǹdó, ìyẹn 09. Ìdí tó fi kọ̀ nìyẹn. Tí a bá wò ó láti òdìkejì, kí fáìlì Látìn-1 tó ṣèèṣì bá òfin yìí mu, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní láti kọ Ã kí © sì tẹ̀ lé e, tàbí irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ibi tí àmì wà. Kò sí orúkọ èèyàn tó rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn lẹ́tà olóhùn inú fáìlì bá ṣe pọ̀ tó ni ìdánilójú ṣe ń pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, fi ojú ara ẹ wo ìlà yẹn.

Adúkẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Àwọn fáìlì kan tóbi, nítorí náà báìtì 4096 àkọ́kọ́ ni mo ní kó fi dán an wò. Ọ̀kan tó dá mi lójú pé UTF-8 ni tún kọ̀:

```
'utf-8' codec can't decode byte 0xe1 in position 4095: unexpected end of data
```

Olùkọ́ Àgbà (Oǹdó):
Ka ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ti ìṣáájú ní báìtì tó tẹ̀ lé e kò tọ́, èyí ní ọ̀rọ̀ parí lójijì. Báìtì mẹ́ta ni ọ: E1 BB 8D. Ibi tí o ti gé e, E1 nìkan ló wọlé, àwọn méjì yòókù ṣẹ́kù síta. Fáìlì kò ní àléébù kankan. Lo èyí tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè ṣì kù lẹ́yìn:

```python
import codecs

def yewo(apa):
    d = codecs.getincrementaldecoder("utf-8")()
    try:
        d.decode(apa)
        return "utf-8"
    except UnicodeDecodeError:
        return "latin-1"
```

Ṣùgbọ́n kíyè sí i: bí gbogbo báìtì tó wà nínú apá tó o kà bá kéré sí 80, fáìlì náà kò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́tà láìlámì rí bákan náà nínú méjèèjì. Máa kà á lọ títí wàá fi rí báìtì tó kọjá 7F. Ibẹ̀ ni `file -i` Ṣèyí ti lè ṣini lọ́nà: nínú fáìlì ńlá, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń wò. Bí àwọn orúkọ tó ṣáájú kò bá ní àmì, `us-ascii` ni yóò pè é.

Ṣèyí:
Mo gbà, sà. Fún fáìlì kékeré mi ò tíì rí i kó tàn mí.

Bọ̀dé:
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Látìn-1 kò ní ọ, ẹ àti ṣ rárá. Fáìlì tí ẹ bá ti rí Ṣadé nínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀, kò lè jẹ́ Látìn-1. Bí ẹ bá sì rí `á¹£` lójú ìwé, ṣ UTF-8 tí wọ́n kà bíi Látìn-1 ni.

Ọ̀rọ̀ tó kù mí kù ni fáìlì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka kan lè da àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá mọ́ tuntun, kí ìdajì jẹ́ Látìn-1, kí ìdajì jẹ́ UTF-8.

Olùkọ́ Àgbà (Oǹdó):
Irú ìyẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan ni èmi máa ń dán wò lọ́tọ̀.

Ṣèyí:
Ẹ má bínú, sà, ẹ̀rù ìyẹn bà mí. Ìlà UTF-8 kan tó bà jẹ́ lásán yóò di Látìn-1, orúkọ onítọ̀hún á sì dàrú láìsí ẹni tó mọ̀. Ó sàn kó dá fáìlì náà padà fún akọ̀wé.

Olùkọ́ Àgbà (Oǹdó):
Tí akọ̀wé bá ṣì ní ojúlówó lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní in mọ́.

Adúkẹ́:
Mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Ti Oǹdó jáde bíi Látìn-1, orúkọ inú rẹ̀ sì tọ́, àyàfi pé wọn kò fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ẹyọ fáìlì kan ló kù. UTF-8 kọ̀ ọ́, Látìn-1 sì kà á, àmọ́ ë ló wà níbi tó yẹ kí ẹ wà.

Bọ̀dé:
Fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ ni mo fura sí. Wọ́n máa ń ya ẹ sórí ààyè lẹ́tà mìíràn. Látìn-1 àti UTF-8, kò sí èyí tó lè gbà ọ́ níbẹ̀. Bi ẹ̀ka yẹn léèrè orúkọ fọ́ǹtì tí wọ́n ń lò, kó o sì ní kí wọ́n fi ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ sórí páálí ránṣẹ́, ká fi wé báìtì rẹ̀.

Adúkẹ́:
Màá pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ fọ́ǹtì tó ń fi ẹ sí ààyè ë, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ síbí.