Àlàfo inú àtẹ ìbéèrè ọjà: ìgbà wo ni mo lè dí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, ẹ gbà mí. Wọ́n fún wa ní àtẹ kan: tí owó ọjà bá jẹ́ 10, àwọn èèyàn á ra 100, tó bá jẹ́ 20, wọ́n á ra 70, tó bá di 40, wọ́n á ra 40. Níbi tí owó ti jẹ́ 30, àyè òfìfo ni. Mo wo àárín 70 àti 40, mo kọ 55. Olùkọ́ fa pupa sí i.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rí òpó kẹta, àpapọ̀ owó tó wọlé: 1,500 ló wà níbẹ̀. Tá a bá fi 30 pín 1,500, 50 ni. Àṣé ìdáhùn wà nínú àtẹ, èmi ni mi ò wò ó!

Ìyẹn yé mi. Ìlà tó kẹ́yìn ló dá mi lágara: owó jẹ́ 50, kò sí iye ọjà, kò sí owó tó wọlé. Orí 40 ni gíráàfù náà ti dúró. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fà á gùn, ṣùgbọ́n ìlà ọ̀hún ò tọ́ gbọọrọ: ó kọ́kọ́ fi 30 wálẹ̀, ó fi 20, ó fi 10. Ṣé òdo ló kàn ni?

Èmi fẹ́ kọ pé àtẹ kò fún wa ní iye yìí, kí n sì sọ pé ó kéré tán, mo nílò owó tó wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti máàkì rí, ṣé ẹ máa ń fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní máàkì? Àbí kí n fojú díwọ̀n iye kan, kí n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fojú díwọ̀n ni?